Lẹ́tà ìdúpẹ́ sí àwọn tó tọ́jú màmá wa

Bódìjà, Ìbàdàn
7 oṣù Keje, 2025

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, àti ẹ̀yin olùtọ́jú tí ẹ jọ ń wọlé wọ̀de,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú wàhálà wa. A ti sin màmá lọ́jọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹfà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Àlejò ò tètè tán nílé, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi pẹ́. Ẹ má bínú. Àwọn àbúrò mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní kí n kọ ọ́, torí èmi ni mo wà nílé láti oṣù Kẹta tí ẹ ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ egbò yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ lé lórí. Nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú náà là síta, ẹ̀yin náà mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe rí. Màmá tó ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà fún ohun tó lé ní 30 ọdún, tí èrò kì í wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, wá ń rán mi pé kí n sọ fáwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun pé òun ń sùn. Lọ́jọ́ tí Sísítà tó ń lo awò ojú kọ́kọ́ wá, ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò bo imú, kò gbójú sá. Ó fi omi iyọ̀ rin báńdéèjì tó ti lẹ̀ mọ́ ara títí tó fi ṣí fúnra rẹ̀, kò fà á rárá. Ó wá lọ Fúlájììlì kúnná, ó wọ́n ọn sójú egbò. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fún un lọ́jọ́ díẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òórùn ti lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, màmá ní kí n pe ẹgbẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mẹ́fà ló wá. Wọ́n kọrin, ó ń bá wọn gbè é, kò sì bo àyà.

Mo tún ní láti tọrọ àforíjì. Nígbà tí ẹ gbé mọ́fíìnì olómi wá, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la yarí. A rò pé oògùn tí yóò tètè gbé e lọ ni, tàbí tí yóò di bárakú sí i lára. Nọ́ọ̀sì Àgbà ò bá wa jà. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn mí lára síríǹjì: gbogbo wákàtí 4, kí n má dúró dìgbà tí ìrora bá dé, kí n sì sọ ti alẹ́ di ìlọ́po méjì kó lè sùn. Wọ́n fi oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kún un, torí mọ́fíìnì a máa dí inú. Lóru ọjọ́ yẹn, màmá sùn mọ́jú, ohun tí a kò rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mi ò sùn. Àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò ni mò ń wò.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin la fi sílé bí ọmọ. Ọjọ́ kejì tí ẹ dé lẹ bi mí léèrè oríkì màmá. Mo sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sí pépà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lápá orí bẹ́ẹ̀dì. Látìgbà náà, ẹni yòówù tó bá fẹ́ yí wọn padà tàbí tó fẹ́ nù wọ́n lára, "Àkànkẹ́, ọmọ Oníkòyí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fọwọ́ kàn yín o" ló máa kọ́kọ́ sọ. Kódà ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí wọn kò dáhùn mọ́, ẹ ò fò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ara wọn kó lè lọ́wọ́ọ́rọ́. Mo rí i.

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà, ẹ̀yin lẹ di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, èmi di ti òsì. Oríkì yẹn lẹ ń kì títí èémí fi tán. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, wọn ò jẹ̀rora lọ. Èyí ni mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò tọ́jú yín bẹ́ẹ̀ jíǹkí yín. Àbúrò mi yóò gbé èlùbọ́ wá fún yín lọ́jọ́ Ẹtì, ó wà nínú èyí tí màmá fúnra wọn rà pa mọ́. Yóò tún bá wa gbé fóòmù onífẹ́ẹ́fẹ́ àti àga onítáyà tí màmá lò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn fún aláìsàn tí kò bá lágbára àtirà á. Mo ti fọ fóòmù náà, mo sì ti sá a.

Èmi ni tiyín,
Àkọ́bí Màmá Eléèlùbọ́,
fún gbogbo ọmọ