Ogun Kírìjì: ohun tó fà á, látọdún dọ́dún, fún àròkọ ọjọ́ Tọ́sidé

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará kíláàsì. Àwọn sílàídì 48 tí olùkọ́ wa fún wa lórí Ogun Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, mo ti tò ó bí mo ṣe ṣèlérí. Àná ni mo jókòó ti ìwé yẹn ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ́pì lójú ọ̀nà Akúrẹ́ títí iná fi lọ. Wàhálà sílàídì yẹn ni pé ó pín ọ̀rọ̀ sí òṣèlú, ọrọ̀ ajé àti ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ń ṣọ́ ìlú tó gbà, ọdún 1862 wà ní sílàídì 6, ó tún yọjú ní 29, èèyàn ò ní mọ èwo ló bí èwo. Ìbéèrè àròkọ ò sì ní béèrè pé kí ẹ kà á bíi lísìtì, èwo ló bí èwo gan-an ló máa béèrè. Mo wá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, mo tò ó bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn

Ṣáájú 1840: Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn tó sá wá sísàlẹ̀ kún Ìbàdàn, ibùdó ogun sì ni Ìbàdàn látilẹ̀, ogun ni wọ́n fi ń jẹun. Ní nǹkan bíi 1840 wọ́n lé àwọn Ìlọrin padà ní Òṣogbo. Gbólóhùn kan tó fún èyí, ẹ má pẹ́ níbẹ̀.

1859: Aláàfin Àtìbà kú, Adélù ọmọ rẹ̀ jọba. Kúrúnmí ti Ìjàyè kọ̀ ọ́, ó ní àṣà ni kí Àrẹ̀mọ kú bá bàbá ẹ̀ lọ. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù.

1862: Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè. Ọdún yìí ṣe pàtàkì gan-an ẹ jọ̀ọ́, torí látìgbà yẹn kò sí ìlú kan nínú àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó lè dojú kọ Ìbàdàn mọ́. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti gbèjà Ìjàyè, ìkùnsínú yẹn ò sì tán.

1870: Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà. Wọ́n ti ń ja Èkìtì náà lọ bẹ́ẹ̀, ìlú tí wọ́n bá ti gbà ni wọ́n ń fi ajẹ́lẹ̀ sí.

Nǹkan bíi 1872: Gómìnà Gúlófà l'Ékòó ṣí ọ̀nà ìlà oòrùn, láti etí omi gba Oǹdó wa níbí dé Iléṣà. Sílàídì fi èyí sí ìparí bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, èmi ni mo gbé e wá síwájú, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀. Àsìkò yìí náà ni Látòósà di ọ̀gá n'Íbàdàn, tó sì jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò.

1877: Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà. Látòósà gbé ogun lọ bá Ẹ̀gbá kó lè ráàyè ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ibí ni àwọn tó ń pè é ní ogun ọdún mẹ́rìndínlógún ti ń kà.

1878: Fábùnmi pa Oyèpẹ̀tún, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn ìlú míì náà sì dìde sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn aládùúgbò wọn di Èkìtìparapọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn àti Ìlọrin tó gbè wọ́n ní Ìkirun, ogun Jálumi nìyẹn, torí odò lọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá já sí. Àmọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ ò túká, wọ́n tún ara wọn tò, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ló wá ṣolórí ogun wọn. Ìbàdàn dó sí apá Ìgbájọ, àwọn yẹn dó sí apá Ìmẹ̀sí-Ilé. Dídún ìbọn ńlá wọn ló bí orúkọ Kírìjì.

1885: Látòósà kú sí bùdó. 1886: wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Àlùfáà Jọ́nsìn ti Ọ̀yọ́ àti Àlùfáà Fílíìpì, tó jẹ́ pé Oǹdó níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run, ni wọ́n ń rìn láàárín bùdó méjèèjì. 1893 ni wọ́n tó tú bùdó ká pátápátá.

Èwo ló bí èwo

Ibí ni máàkì wà, ẹ fara balẹ̀.

Okùn kìíní: Ìjàyè ṣubú, Ìbàdàn ò ní alátakò mọ́, wọ́n wá ń ja ìlà oòrùn lọ, ìlú tí wọ́n gbà pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè fojú ara wọn ṣọ́ lọ, ni wọ́n bá ń fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ará ìlú ló ń bọ́ ọ tòun tàwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tó máa mú un wí sì jìnnà réré sí i n'Íbàdàn. Àwọn tó bá a lọ ń wọ ilé onílé, wọ́n ń kó ẹran, wọ́n ń fọwọ́ kan obìnrin. Ìbínú yẹn ti ń jó lábẹ́lẹ̀ tipẹ́ kó tó di 1878.

Okùn kejì: Ìbàdàn ò ní etí òkun. Kí wọ́n tó lè jagun, wọ́n gbọ́dọ̀ ra ìbọn, kí wọ́n tó ra ìbọn, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú kọjá. Bí Ìbàdàn ṣe ń lágbára tó lẹ̀rù ń ba àwọn onílẹ̀ yẹn tó, wọ́n ti ọ̀nà, Látòósà gbógun dìde, Èkìtì wá rí i pé ọwọ́ Ìbàdàn ti dí níbòmíì. Ẹ kọ ọ́ báyìí: 1877 ló ṣí àyè sílẹ̀ fún 1878.

Okùn kẹta ni ti ọ̀nà Oǹdó. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó, lára wọn làwọn tó ti Sàró bọ̀, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé tó ń gba ọta lẹ́yìn ránṣẹ́ sílé, ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbé e gbà, láì kan Ẹ̀gbá láì kan Ìjẹ̀bú. Òun ló jẹ́ kí ọ̀tẹ̀ tí Ìbàdàn rò pé ó máa tán láàárín oṣù díẹ̀ di ogun ọ̀pọ̀ ọdún. Kò fa ogun o, òun ló fà á gùn, ẹ má pa méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Ti Oyèpẹ̀tún ńkọ́? Iná tó ràn ni, kì í ṣe igi. Tẹ́ ẹ bá fi òun bẹ̀rẹ̀ àròkọ, á dà bíi pé ọ̀rọ̀ ìyàwó tí Oyèpẹ̀tún fọwọ́ kàn nìkan ló da ilẹ̀ Yorùbá rú, bẹ́ẹ̀ ajẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n pa ò lè kó ìlú tó pọ̀ tó yẹn jọ tí kì í bá ṣe pé kálukú ti ní tiẹ̀ nínú. Òun ni kó gbẹ̀yìn nínú ohun tó fà á.

Ìpínrọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ tèmi nìyí, ẹ wò ó, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín kọ tiyín:

«Ohun tó fa Ogun Kírìjì ti wà látìgbà tí Ìjàyè ti ṣubú ní 1862, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú Oyèpẹ̀tún ní 1878 ló dá a sílẹ̀. Agbára tí Ìbàdàn ní lẹ́yìn ogun yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀gá lórí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà tó ń gbà ṣèjọba lé wọn lórí ló bí ìkórìíra, ìjà tó ń bá Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú jà nítorí ọ̀nà ìbọn ló sì fún àwọn tí ara ń ni láàyè láti dìde.»

Ọ̀la, Wẹ́sidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì, ẹni tí okùn kejì ò bá yé kó wá, a máa yà á síta lórí ìwé.