Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Lóyún Àkọ́kọ́

Ẹ kú oríire. A óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́jọ òwúrọ̀, ni a ń rí aboyún ní ibùdó ìlera wa ní Òṣogbo, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìgbọ̀nà tàbí Òkè-Baálẹ̀ tètè jáde nílé.

Ìgbà mẹ́jọ, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí olùtọ́jú. Ìgbà àkọ́kọ́ ni kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 20, 26, 30, 34, 36, 38 àti 40. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fi oyún pamọ́ fáyé títí ikùn yóò fi yọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ fún wa kì í jáde.

Ní ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, a óò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe tó, irú ẹ̀jẹ̀ yín àti jẹ́nótáìpù, a óò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún kòkòrò éèdì, sífílísì àti àrùn mẹ́dọ̀wú B, nítorí pé gbogbo wọn lè ran ọmọ. Gbogbo ìbẹ̀wò ni a ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tí a sì ń yẹ ìtọ̀ wò. Ẹ ya àwòrán sikáànù kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24.

Lójoojúmọ́ ni kí ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ní èròjà irin mílígíráàmù 30 sí 60 àti fólíìkì mílígíráàmù 0.4. Ìgbẹ́ yín yóò dúdú bí èédú. Ẹ má fòyà, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ pa á tì. Ẹ má fi tíì gbé e mì. Ọsàn ló dára sí i. Láti ọ̀sẹ̀ 13 ni a ń fúnni ní Fánsídà fún ibà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, oṣù kan sí ara wọn, níwájú wa ni ẹ ó sì ti gbé e mì. Kí ẹni tó ń lo Sẹ́pítírìnì sọ fún wa ṣáájú. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì jẹ́ méjì: èkejì yóò tẹ̀ lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìbímọ.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ má sì kọ́kọ́ wá àgbo: ẹ̀jẹ̀ lójú ara, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀, orí fífọ́ líle tí ojú ń ṣe bàìbàì pẹ̀lú rẹ̀, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, gìrì, ibà, inú rírun tí kò dáwọ́ dúró, èémí tó ń há, omira tó tú kí àkókò tó tó, tàbí ọmọ tí kò mira bó ṣe máa ń mira. Lóru, ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín ni kí ẹ gbà lọ, pẹ̀lú káàdì yín lọ́wọ́. Ẹ ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ pamọ́ lọ́tọ̀.