Mẹ́mò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fowó kún owó lábù

Sí: Alága àti gbogbo ọmọ Kómítì Ìṣúná
Láti ọ̀dọ̀: Olórí Ẹ̀ka Lábù, Àkúrẹ́
Ọjọ́: Mọ́ńdè, 7 Oṣù Keje 2025
Ọ̀rọ̀: Àfikún ₦6,700,000 fún ríéjẹ́ǹtì àti iná fíríìjì ẹ̀jẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti pín owó ọdún yìí tán látoṣù kìn-ín-ní, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń kanlẹ̀kùn yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé mọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dúró di ìgbà bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀.

₦7,200,000 lẹ fún wa fún ríéjẹ́ǹtì lọ́dún yìí. Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa parí, ₦5,940,000 ti lọ níbẹ̀, ₦1,260,000 ló kù, oṣù mẹ́fà sì wà níwájú. A ò náwó nínàákúnàá o, gbogbo rìsíìtì wà lọ́wọ́ akáǹtì. Iye yẹn náà ni wọ́n ń fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là kan ò tíì tó ₦500 ní bánkì, kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún yẹn, ó ti lé ní ₦1,500 báyìí, bẹ́ẹ̀ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ríéjẹ́ǹtì wa ti ń wá. Ẹ̀bi tèmi ni pé nígbà tí a ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ sí iye àtijọ́ yẹn, mo rò pé a máa fọgbọ́n gbé e. Ọgbọ́n ti tán.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ẹ̀jẹ̀. Sátidé 17 oṣù karùn-ún, wọ́n mú iná lọ nírọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ títí di bí aago méjì òru, dísù tán. Ọmọ wa tó wà lórí iṣẹ́ ń ṣe àyẹ̀wò pàjáwìrì lápá kejì, ìgbà tó fi máa padà wo fíríìjì ẹ̀jẹ̀, 11 ló wà lójú tẹmómítà. Ẹ̀jẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá 6, kò sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 2 lọ. Báágì mẹ́fà la dà nù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, méjì nínú wọn O nẹ́gátíìfù tí a wá kiri kí a tó rí. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìdànù. Lóru yẹn kan náà, abiyamọ kan ń ṣẹ̀jẹ̀ ní yàrá ìbímọ, ọkọ ẹ̀ gun ọ̀kadà láti ibí lọ sí Alágbàká, láti Alágbàká lọ sí Ìjàpọ̀, ó ń wá ẹ̀jẹ̀, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú kó tó rí báágì kan mú dé. Ìyá náà yè, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu wà nílé wa ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó bàjẹ́ sínú fíríìjì ni.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí fíríìjì yẹn ní iná tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò ní dúró de dísù. Ẹni tó máa ṣe é ti wá wọ̀n ọ́n: ìnfátà ₦480,000, bátìrì lítíọ́ọ̀mù ₦1,350,000, páńẹ́lì sólà mẹ́rin ₦460,000, wáyà àti iṣẹ́ ọwọ́ ₦210,000. ₦2,500,000 nìyẹn.

Ti ríéjẹ́ǹtì, bí a ṣe ń náwó báyìí, ₦4,680,000 ló máa dín. A ti yọ ₦480,000 kúrò nínú owó ọ̀dà àti àga tuntun tí ẹ fún wa, a ò ní kùn ún, a ò ní rà á, torí náà ₦4,200,000 là ń tọrọ. Ohun tí mi ò lè gé ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ fà sí èèyàn lára: kòkòrò éèdì, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C, sífílíìsì. Báágì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ la mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. Tí ríéjẹ́ǹtì ọ̀kan bá tán, a ò ní fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀, mo ti sọ fún àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì rántí pé lábù ń pawó wọlé, ₦11,300,000 la mú wá lóṣù mẹ́fà yìí. Gbogbo àyẹ̀wò tí a bá ní kí aláìsàn lọ ṣe níta, owó ẹ̀ ti lọ nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì padà wá mọ́.

Tí gbogbo owó náà ò bá lè jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún wa ní ti sólà lóṣù yìí, kí ẹ wá pín ti ríéjẹ́ǹtì sí méjì, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹwàá. 18 oṣù yìí ni iye tí oníṣẹ́ sólà kọ fún wa máa yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń bọ̀ ní mítíìnì Wẹ́sìdeè, ẹ kọ́kọ́ yà sí lábù kí ẹ fojú yín rí fíríìjì náà, màá ti gbé ìwé ìdànù sórí tábìlì dè yín.

Emi ni tiyín,
Olórí Ẹ̀ka Lábù