Òkìtì Ẹ̀yìn Àtíbàbà

Túndé ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ìwé náà bọ inú báàgì ni iná ọkọ̀ tàn wọ ọ́fíìsì.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yọjú díẹ̀. Lọ́rì ti dí ẹnu géètì pa. Bọ̀dá Gbádé bọ́ sílẹ̀ lápá kan, dírẹ́bà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lápá kejì. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Géètì yẹn nìkan ló já sí títì. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí i, odò ló kọjú sí. Lápá òsì, wọ́n to gẹdú ti ògiri títí dé etí omi. Láàárín ni àtíbàbà ẹ̀rọ ìlagi wà. Lápá ọ̀tún, òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó ló wà níbẹ̀, ó ga ju òrùlé lọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ sínú odò. Ìdí òkìtì yìí, lọ́hùn-ún pátápátá, ni wọ́n so ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo mọ́. Lódìkejì odò, iná ṣì ń tàn nílé Màmá tó ni ilé ìlagi. Màmá ò mọ̀ pé pákó òun ń gba ẹ̀yìn jáde lóru. Inú ìwé yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà, oṣù lẹ́yìn oṣù. Gbádé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

"Lọ yẹ ọ́fíìsì wò."

Túndé gba fèrèsé ẹ̀yìn. Okùn báàgì há. Ó fà á tagbáratagbára. Gíláàsì fọ́.

"Òun nìyẹn!"

Ó sáré wọ abẹ́ àtíbàbà. Òkùnkùn. Ó rá pálá kọjá lábẹ́ tábìlì ayùn, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ó pa ẹnu dé. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì.

Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Kò lọ sókè, kò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ ló ń tọ̀. Túndé náà wolẹ̀, ó sì rí ohun tí Gbádé rí. Wọ́n ti gbálẹ̀ lálẹ́, lẹ́búlẹ́bú tín-ín-rín ló sì tún bà sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ojú ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó parí síbi ẹ́ńjìnnì.

"Túndé, jáde. Mi ò ní nà ẹ́."

Túndé jáde lóòótọ́. Ẹ̀yìn ló gbà. Ó já sí etí odò.

Dírẹ́bà ti ń sáré bọ̀ lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹdú. Gbádé wà lẹ́yìn. Omi wà níwájú. Túndé mọ omi wẹ̀. Ìwé ò mọ̀ ọ́n.

Ó yà sọ́tùn-ún.

Ojoojúmọ́ ni Túndé ń ti ọmọlanke gun òkìtì yìí, ó mọ̀ ọ́n lójú, ó mọ̀ ọ́n nínú. Iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Kò lọ́wọ́ iná, èéfín rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń jẹ abẹ́ ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, á wá ku èèpá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè. Ibi tí wọ́n tẹ́ pákó sí fún ọmọlanke nìkan lèèyàn lè tẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú sì ti bo pákó.

Ó bọ́ bàtà dànù. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Ó tutù. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tutù. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbóná. Ó yẹsẹ̀.

"Kò lè lọ ibì kan!" Dírẹ́bà ti dé ìdí òkìtì. Ó gbóòórùn. Ó dúró. "Ọ̀gá, ẹ má gùn ún o!"

Gbádé ò gbọ́. Ọ́fíìsì ni tirẹ̀, kò ti ọmọlanke rí. Ó rí i pé Túndé ń gba ẹ̀gbẹ́ yí ká, ó bá gba àárín gan-an láti ṣíwájú rẹ̀.

Túndé já sínú ọkọ̀. Ó tú okùn. Kókó náà le. Ó fi eyín tú u.

Gbádé ku ìṣísẹ̀ márùn-ún. Mẹ́ta. Ó na ọwọ́.

Ilẹ̀ já.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé dé orúnkún. Iná pípọ́n ràn lábẹ́ rẹ̀. Igbe tó ké kọjá odò. Bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ ni ibi tí èkejì wà ń ya.

Okùn ti tú. Ọkọ̀ ti ń ṣí. Túndé wo iná ilé Màmá. Ó wo Gbádé. Ó ṣépè lábẹ́lẹ̀, ó na àjẹ̀ sí i.

"Ẹ dì í mú, bọ̀dá! Ẹ fò!"

Gbádé dì í mú. Ó fò. Inú omi ló balẹ̀ sí, gbìà! Ó rì, ó yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ fì. Omi wọlé. Túndé gbé báàgì lé orí.

"Mi ò mọ omi wẹ̀," Gbádé ń wúkọ́. "Túndé, jọ̀ọ́. Gbé mi padà."

Túndé wẹ̀yìn. Tọ́ọ̀ṣì dírẹ́bà ti ń sá lọ sápá géètì. Ó kọ orí ọkọ̀ sí òdìkejì.

"Ẹ dì í mú dáadáa, bọ̀dá. Ẹ̀yin náà lẹ máa ṣàlàyé fún Màmá."