Ọ̀rọ̀ tó o máa bá ara ẹ sọ títí dé Eko Atlantic

Àbúrò, há àwọn ọ̀rọ̀ yìí sórí kó tó di Sátidé tó o máa sá máratọ́ọ̀nù Èkó o, torí tó o bá fi máa sọ̀kalẹ̀ lórí Tọ́ọ̀dù Méńlándì, orí ẹ ò ní ráyè ro nǹkan tuntun mọ́. Fi ẹnu sọ wọ́n jáde, kódà kó jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Tó bá di bíi kílómítà 32 tí ẹsẹ̀ ṣàdédé wúwo:
"Ṣúgà ló ń tán lẹ́sẹ̀ mi, èmi ò tíì tán."
Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ṣúgà tí iṣan tọ́jú pamọ́ ló máa ń gbẹ níbẹ̀, kì í ṣe pé o ya ọ̀lẹ, torí náà tí nǹkan dídùn bá wà lọ́wọ́ ẹ, mu ún.

"Òpó yìí. Òpó yẹn."
Èyí gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Mú òpó iná kan níwájú, sá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, mú òmíì. Mí sínú sí "òpó yìí", mí síta sí "òpó yẹn", kó máa bá ẹsẹ̀ lọ bí ìlù, má ka kílómítà rárá, ẹni tó bá ń ka kílómítà nígbà yẹn ń gbé gbogbo ọ̀nà tó kù sórí lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Tí bàbá arúgbó kan bá kọjá lára ẹ (á kọjá, mo ti sọ fún ẹ):
"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n."
Rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín máa ń tú èjìká àti àgbọ̀n sílẹ̀.

Bíríìjì Lẹ́kì-Ìkòyí, níbi tó ti ń gòkè:
"Ìṣísẹ̀ kékeré, ojú nílẹ̀."
Má wo òpó gogoro yẹn lókè.

Oòrùn: "Gbogbo wa ló ń pa."

Tó o bá ní láti rìn: "Mo rìn dé ibi omi, mo tún gbéra." Ṣùgbọ́n tí òòyì bá ń kọ́ ẹ, tí òtútù ń mú ẹ nínú oòrùn tàbí àyà ń dùn ẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ fún ìyẹn o, dúró, pe àwọn nọ́ọ̀sì.

Tí ojú bá ń tì ẹ́ pé àwọn èèyàn ti ń lọ sílé:
"Akhwari náà débẹ̀."
Ọmọ Tanzania ni, níbi máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Mexico City, 1968, ó ṣubú, orúnkún ẹ̀ ṣèṣe, wọ́n dì í ní báńdéèjì, òun ló gbẹ̀yìn, àmọ́ ó parí ẹ̀.

Bọ́ọ̀dù kílómítà 42:
"Mítà 195 ló kù. Apá ni mo fi ń sá a."
Ju apá ẹ dáadáa, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Má sì tíì fọwọ́ kan aago ọwọ́ ẹ títí tó o máa fi kọjá ìlà o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò.