Kókó: Ìwé kíkà ọjà ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà: ẹ dá a padà kí ago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú, 1 oṣù Keje 2026, tó lù

Sí: Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka Dei-Dei, Kubwa, Nyanya, Lugbe, Gwagwalada, Suleja, Minna àti Lokoja
Láti: Ẹ̀ka ìṣirò ọjà, orí iléeṣẹ́, Garki

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú ọ̀rinrin òjò, ẹ sì kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹfà, la ó ka ọjà ìdajì ọdún ní ẹ̀ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nǹkan méjì la ń retí lọ́wọ́ yín:

1. Fọ́tò gbogbo ìwé tí ẹ kà sí, lórí Wọ́sáàpù, kí ago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹfà, tó lù.
2. Fáìlì Excel nípasẹ̀ ímeèlì yìí, àti ìwé gan-an tí ẹ ti buwọ́ lù, ní Garki, kí ago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú, 1 oṣù Keje, tó lù.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ayẹ̀wé-owó-wò yóò dé. Ọ̀sán Ọjọ́rú nìkan ló kù wá láti kó ti ẹ̀ka mẹ́jọ pọ̀. Ẹ̀ka tí ìwé rẹ̀ kò bá dé, a kò ní bá a fi iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà dí àlàfo. A ó sọ fún àwọn ayẹ̀wé-owó-wò pé a kò rí kíkà gbà, ọjà tuntun tí ẹ̀ka náà bá sì béèrè yóò dúró títí ìwé yóò fi dé.

Ìwé tó wà nínú àpò

Awakọ̀ wa yóò kó àpò ìwé dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 23. Ìwé funfun wà fún ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ kà, ìwé ìyeyè fún ẹgbẹ́ tó tún un kà, ìwé pupa sì wà fún ọjà tó bàjẹ́. Gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà. Èyí tí ẹ kò lò, èyí tí tàdáwà dà sí, èyí tí òjò pa, gbogbo rẹ̀ ló ń padà bọ̀. Bí ẹ bá gba ìwé 1 sí 18, ìwé 18 la ó kà nígbà tí ẹ bá dá a padà. Ìwé kan tó bá sọnù ló ń jẹ́ kí ayẹ̀wé-owó-wò béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dáhùn.

Ẹ ó rí i pé a kò kọ iye tó yẹ kó wà sínú ìwé náà. A mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹni tó bá ti rí 240 nínú ìwé, bó bá ka 236, ojú rẹ̀ á máa wá mẹ́rin tó kù títí yóò fi "rí" i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ iye kọ̀ǹpútà jáde fún àwọn tó ń kà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27

Ago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti ọjà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ìwé rísíìtì, nínú ìwé wébìlì ọjà tó wọlé, àti nínú ìwé ọjà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka mìíràn. Ojú ìwé funfun àkọ́kọ́ ni àyè wọn wà. Nọ́ńbà mẹ́ta yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì sábà máa ń ṣófo. Ẹ wò ó báyìí: tírélà já àpò sìmẹ́ǹtì 600 nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, akọ̀wé ní òun yóò kọ wébìlì sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ajé. Sìmẹ́ǹtì wà nílẹ̀, ìwé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka yín yóò dà bí ẹni pé ó ní àpò 600 lé, láìsí olè, láìsí àṣìṣe kíkà. Bí nọ́ńbà wébìlì tó kẹ́yìn bá wà níwájú wa, ìṣẹ́jú márùn-ún la ó fi yanjú rẹ̀.

Ẹrù tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ tí kò tíì gbé kì í ṣe tiwa mọ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà rísíìtì sí i lára, ẹ má kà á. Ọjà tó wà lójú ọ̀nà láàárín ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka tó fi ránṣẹ́ ni kó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé funfun tó kẹ́yìn pẹ̀lú nọ́ńbà wébìlì. Ẹ̀ka tó ń retí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án nínú ìwé.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Ago mọ́kànlá àárọ̀ ni kíkà yóò bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó lọ ìsìn àkọ́kọ́ lè dé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìrun ọ̀sán. Ẹ rí i pé ilẹ̀ kò ṣú bá yín, torí kíkà abẹ́ tọ́ọ̀ṣì kì í pé.

Ẹni méjì ló ń ṣe ẹgbẹ́ kan: ọ̀kan ń pè, ọ̀kan ń kọ. Ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ lè fi ibi tí ọjà wà hàn wọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pe nọ́ńbà, kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́. Ẹgbẹ́ kejì kò gbọdọ̀ rí ìwé funfun kó tó parí tirẹ̀. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jọ ka ọjà yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹn la ó sì gbà.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń pè máa pe nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ariwo sítọ́ọ̀, àádọ́ta, àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọmọ Hausa ló ń pè, "bakwai" àti "takwas" máa ń dìpọ̀ mọ́ra wọn, 7 á di 8. "Méje, òdo" kò ṣeé ṣì gbọ́. Kí ẹni tó ń kọ tún un pè padà kó tó kọ ọ́.

Báírò ni kí ẹ lò, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Bí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e kó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ èyí tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó kọ ọ́ buwọ́ lù ú. Ẹ má ṣe fi típẹ́ẹ̀sì pa nǹkan kan rẹ́. Ọjà tí ẹ wá tí kò sí, ẹ kọ 0. Àyè tó ṣófo ohun tó ń sọ fún wa ni pé ẹ kò dé ibẹ̀ rárá.

Àwọn ọjà tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀

*Irin.* Iye ọ̀pá ni kí ẹ kà, ẹ má kọ tọ́ọ̀nù. Irin 12 mm tó pé, tó gùn ní mítà 12, ọ̀pá bí 94 ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Ti 16 mm bí 53. Ti 10 mm bí 135. Ṣùgbọ́n gbogbo irin tó wà lọ́jà kọ́ ló nípọn tó bó ṣe yẹ, ọ̀pá tó tín-ín-rín á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀nù ṣírò, ẹ ó pe irin tí kò sí tàbí kí ẹ gbàgbé èyí tó wà. Ohun mìíràn: irin tí wọ́n ká sí méjì kó lè wọ ọkọ̀, orí méjèèjì rẹ̀ apá kan náà ló wà. Ẹni tó bá ka orí yóò kọ ìlọ́po méjì. Ibi tí wọ́n ti ká a ni kí ẹ ti kà á.

*Sìmẹ́ǹtì.* A máa ń fi iye ìpele lọ́nà iye àpò inú ìpele kan ṣírò, kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan gun orí rẹ̀ wo àárín, torí ibẹ̀ máa ń ṣófo. Ẹ tẹ igun àpò tó wà nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tó bá ti gan, ìwé pupa ló ń lọ. Lásìkò òjò yìí, a kò ní gbà gbọ́ pé ẹ̀ka tó kó 400 àpò jọ kò rí ẹyọ kan tó gan.

*Wáyà iná.* Róòlù kan kì í ṣe róòlù kejì. Òmíràn jẹ́ yáàdì 100, òmíràn jẹ́ mítà 100. Yáàdì 100 kò ju mítà 91.44 lọ, nítorí náà lórí róòlù mẹ́wàá, ó lé ní mítà 85 tó lè "sọnù" láìsí ẹni tó jí i. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára róòlù, orí ìlà tirẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Róòlù tí ẹ ti gé lára rẹ̀, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n ní mítà. Ẹ má fojú wò ó.

*Táìlì.* 60 × 60 sábà máa ń jẹ́ ẹyọ 4 nínú páálí, tó tẹ́ mítà 1.44 níbùú lóròó. Síbẹ̀, ẹ ka ẹ̀gbẹ́ páálí. Páálí tó bá ń dún nígbà tí ẹ mì í, ẹ ṣí i.

*Ọ̀dà.* Ike lítà 20 àti gálọ́ọ̀nù lítà 4 ní kóòdù tó yàtọ̀. Ẹ má sọ gálọ́ọ̀nù márùn-ún di ike kan.

*Ìṣó.* Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n kó o sí kúrò.

Fáìlì Excel

Fáìlì kan náà tí a so mọ́ ímeèlì yìí ni kí ẹ lò. Òpó C ni páálí odindi, D ni iye inú páálí, E ni ẹyọ tó ṣẹ́kù. F ń ṣírò fúnra rẹ̀:

```
=C5*D5+E5
```

Páálí 37, ẹyọ 4 nínú rẹ̀, ẹyọ 3 tó ṣẹ́kù: F yóò fi 151 hàn. Ẹ má tẹ nọ́ńbà lé F lórí, ẹ má sì kọ "37 páálí" sínú C. Nọ́ńbà nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ F yóò fi `#VALUE!` hàn. Orúkọ ẹ̀ka àti ọjọ́ kíkà ni kí ẹ fi pamọ́, bí àpẹẹrẹ `KUBWA_28062026.xlsx`.

Ọjà tí ẹ bá tà lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Àwa ni yóò fi rísíìtì gbé iye náà dé 30 oṣù Kẹfà. Ẹ̀ka tó bá ti bá wa yọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì la ó jọ yọ ọ́.

Bí a bá rí ìyàtọ̀ ńlá nínú fọ́tò, a ó pè yín kí ago méjì ọ̀sán Ìṣẹ́gun tó lù, ẹ ó sì tún ọjà yẹn nìkan kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún ìwé ṣe kó lè bá kọ̀ǹpútà mu. Ọjà tó dín, a lè wádìí rẹ̀. Ìwé tí wọ́n tún ṣe, kò sí ohun tí a lè fi ṣe.

Minna àti Lokoja, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ láti garaajì láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, kì í ṣe Ọjọ́rú. Ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti awakọ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa. Awakọ̀ wa yóò gba ti àwọn ẹ̀ka yòókù láàárọ̀ Ọjọ́rú, bẹ̀rẹ̀ láti Gwagwalada ní ago méje.

Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kẹfà, tó ṣú, ẹ fèsì sí ímeèlì yìí pẹ̀lú orúkọ àwọn mẹ́rin tí yóò kà, àti nọ́ńbà ìwé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn tí ẹ bá nínú àpò yín.

Ẹ ṣeun, a dúpẹ́.

Alábòójútó ìṣirò ọjà
Orí iléeṣẹ́, Garki, Abuja