Kókó: Ẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́ lórí ìwé èsì ìdánwò mi láti Bẹ̀nẹ̀, fọ́ọ̀mù PG/26/01184

Kétu, Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀
Ọjọ́ 13, Oṣù Keje, 2026

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ọ́fíìsì Ìgbaniwọlé fún Oyè Kejì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà àsìkò ìgbaniwọlé. Orúkọ mi ni Ìyábọ̀ Ọláníyan, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kétu. Mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín fún oyè kejì nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá. Mo ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi sún gbèdéke ìwé èsì ìdánwò mi síwájú, láti ọjọ́ 31 Oṣù Keje sí ọjọ́ 11 Oṣù Kẹsàn-án. Ìwé yìí nìkan ló kù nínú fáìlì mi. Mo ti san owó fọ́ọ̀mù, àwọn olùjẹ́rìí mi méjèèjì ti kọ lẹ́tà wọn, àbá ìwádìí mi náà sì ti wà lọ́wọ́ yín.

Ohun tó dá a dúró nìyí. Láti Oṣù Kìíní, kí fọ́ọ̀mù yín tó jáde rárá, ni mo ti béèrè fún ìwé èsì lọ́wọ́ yunifásítì tí mo ti gba oyè àkọ́kọ́. Mo san owó tí wọ́n ní kí n san, wọ́n sì fún mi ní rìsíìtì tí òǹtẹ̀ àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀. 2017 ni mo jáde. Láyé ìgbà tiwa, inú ìwé ńlá ni wọ́n ń fọwọ́ kọ máàkì sí, kò tíì dé inú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá béèrè fún ìwé èsì lónìí, akọ̀wé gbọ́dọ̀ tú ìwé ńlá yẹn, kó tẹ máàkì rẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, kó fi wé ìpinnu tí ìgbìmọ̀ onídánwò fọwọ́ sí nígbà náà, kó tó gbé e lọ sí iwájú ọ̀gá ẹ̀ka.

Sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fà ló wà nínú oyè àkọ́kọ́ wa. Márùn-ún ti parí, ẹ̀kẹrin ló há. Akọ̀wé ṣí ojú ewé náà, mo fojú ara mi rí i: orúkọ wa tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, máàkì àwọn iṣẹ́ yòókù pé pérépéré, ṣùgbọ́n abẹ́ iṣẹ́ kan ṣófo fún gbogbo kíláàsì wa. Kì í ṣe pé a kò ṣe ìdánwò náà. A ṣe é, a sì yege, torí kò sẹ́ni tí í gba oyè yìí láì pé 180 kírẹ́díìtì, 30 fún sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí olùkọ́ fi kó máàkì ọ̀hún wá ni wọ́n wá tì. Olùkọ́ náà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n ti kàn sí i, ó sì ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ òun. Ó ku kí ọ́fíìsì gbà á, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n fo ibẹ̀ kọjá kí iṣẹ́ lè yá, nítorí ìwé èsì tí kò pé yóò tún dá wàhálà míì sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ yín.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà jẹ́ àsọlásán, mo ní kí wọ́n fún mi ní lẹ́tà tó ṣàlàyé ìdádúró yìí. Wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ 6 oṣù yìí, ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ èsì ló fọwọ́ sí i.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi béèrè títí wọ Oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹjọ ni. Ọjọ́ kìíní rẹ̀ ni àjọ̀dún òmìnira Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ 15 tún jẹ́ ìsinmi, àárín oṣù yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń lọ sinmi. Bí mo bá sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì tó mi, mo mọ̀ pé màá tún padà wá bẹ̀ yín ni, n kò sì fẹ́ fi ìlérí tí n kò lè mú ṣẹ dà yín láàmú. Lẹ́yìn náà, èdè Faransé ni ìwé ọ̀hún. Ẹ ní kí yunifásítì fúnra rẹ̀ fi í ránṣẹ́ nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí òǹtẹ̀ sì wà lórí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́; ògbufọ̀ kò lè já irú àpòòwé bẹ́ẹ̀. Mo ti wá béèrè fún ẹ̀dà méjì: ọ̀kan yóò wá sọ́dọ̀ yín tààrà, èkejì yóò lọ sọ́dọ̀ ògbufọ̀ tí ilé ẹjọ́ mọ̀ ní Pọ́tónóvò, tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kó sì fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé gbogbo ojú ewé. A ti jọ ṣàdéhùn, ìwé nìkan ló ń retí.

Bí òfin yín kò bá gba pé kí ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ fi ohun tó wà nílẹ̀ wo fáìlì mi. Ìwé ẹ̀rí oyè mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé máàkì ọdọọdún tí wọ́n fún wa nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá gbà mí, kí ẹ fi ṣe àdéhùn pé n kò ní lè wọlé láìjẹ́ pé ojúlówó ìwé èsì ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé 20 ni wọ́n ń gba máàkì lé lórí lọ́dọ̀ wa, 10 ni ìyege, ẹni tó bá sì gba láti 12 dé 14 ti ṣe dáadáa. Mo ń sọ èyí torí pé 13.4 tí ẹ máa rí lórí ìwé mi lè dà bí ẹni pé ó kéré lójú ẹni tó mọ ọgọ́rùn-ún.

Ọdún yìí gan-an ṣe pàtàkì sí mi. Orin ẹ̀fẹ̀ inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àṣà aráyé ní 2008, tó jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n sábà ń ṣe é. Àwọn àgbà tó mọ àwọn orin yìí ní agbègbè wa ti ń dàgbà gan-an, wọ́n sì ti gbà pé àwọn yóò kọrin fún mi kí n gbà á sílẹ̀. Bí mo bá pàdánù ọdún yìí, n kò mọ ẹni tí màá tún bá nílé nínú wọn.

Mo so rìsíìtì, lẹ́tà ọjọ́ 6 Oṣù Keje, ìwé ẹ̀rí oyè pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, àti àwọn ìwé máàkì ọdọọdún mọ́ lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ tààrà lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé èsì náà, àdírẹ́sì wọn wà lórí lẹ́tà wọn, mo sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá yín lóhùn. Inú mi yóò dùn bí mo bá lè gbọ́ èsì yín kí ọjọ́ 31 tó pé, kí n lè mọ bí n ó ṣe sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mi nípa àyè tí mo ti bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ púpọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyábọ̀ Ọláníyan
Fọ́ọ̀mù PG/26/01184